Ọgọ́rùn-ún Bàtà Kékeré, Ọjà Mẹ́jọ

"Ààlọ́ o!"

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé gbọ́ yín!

"Ààlọ̀ o!"

Àlọ́ mi gbéra ní Sakété, ó wọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Pobè, ó kó ọgọ́rùn-ún bàtà dání. Kì í ṣe ti ìjàpá o. Ìjàpá wo ló ń wọ bàtà? Ti Jọmílójú ni, Ìyá Yannick tó ni bútíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, níbi tí ẹ ti máa ń ra bọ́mbọ́ dídùn lá. Mo wà níbẹ̀, ó ṣojú mi.

Lọ́dún náà, òjò àkọ́rọ̀ ò tíì rọ̀. Jọmílójú wá bá mi, ojú ẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó rí owó he.

"Ìyá Àgbà, mo ti rí ọjà tí n ó tà!"

"Ọjà wo?"

"Bọ́ọ̀tì. Bàtà òjò. Bọ́ọ̀tì obìnrin!"

Ẹ mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí tó wà lẹ́bàá Pobè. Amọ̀ ibẹ̀ dúdú, bí òjò bá ti kàn án, á di ẹsẹ̀ mú. Àwọn ọkùnrin ní bọ́ọ̀tì, ńlá nìkan sì ni gbogbo oníbàtà Pobè ń tà. Àwọn obìnrin ń wọ ti ọkọ wọn, wọ́n á ki àkísà bọ̀ ọ́. Fẹ̀sọ̀jayé, ọ̀kan nínú wọn, ló sọ fún un pé, "Ẹsẹ̀ mi jáde, bàtà ò jáde. Ọ̀kan ṣì wà nínú oko láti èṣín. Ọkọ mi ní kí n lọ wú u bí iṣu." Jọmílójú rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Owó wá ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà fáránkì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún nínú ẹ̀ jẹ́ owó ilé bútíìkì, tí Bonaventure onílé máa gbà bí oṣù bá parí. Bonaventure kì í gbọ́ "ẹ ní sùúrù." Bí owó ò bá pé, àgádágodo tuntun ni.

"Bí mo bá fowó yìí ra bàtà, kò lè tó nǹkan," ló wí. "Bí mo bá gbà á láwìn, tí kò sì tà, mo pàdánù bútíìkì. Ẹ tẹ̀ lé mi lọ sí Sakété, Ìyá Àgbà. Bí ojú bá ń kán mi, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí."

A wọkọ̀ lọ. Alájì Mikail là ń wá, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta bàtà lọ́pọ̀ fún àwọn tó ń tún un tà ní Sakété, tó sì ń wá pàtẹ ní Pobè lọ́jọọjọ́ ọjà. Jọmílójú béèrè bọ́ọ̀tì kékeré, nọ́mbà mẹ́tàdínlógójì sí mọ́kàndínlógójì. Alájì wò ó.

"Ìyá Yannick, ẹsẹ̀ ta ni? Ṣé àwọn ọmọ iléèwé ló fẹ́ lọ roko?"

"Ẹ sọ iye ẹ̀, Alájì."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bí ẹ bá sanwó lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ àwìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ọ̀ọ́dúnrún. Ìdajì owó lónìí, ìyókù lọ́gbọ̀n ọjọ́."

Jọmílójú mú bàtà kan wò, ó fẹ́ eruku orí ẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Eruku náà bo gbogbo wa lójú!

"Alájì, láti òjò èṣín ni bàtà yìí ti ń sùn níbí. Ẹ̀yin lẹ ń sanwó ilé fún un. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba. Mo kó gbogbo ọgọ́rùn-ún. Mo san ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún lónìí."

"Ọgọ́ta! Ọkùnrin kan láti Pobè náà kó ọjà mi lọ, títí dòní, bí mo bá pè é lórí fóònù, ìyàwó ẹ̀ ló ń gbé e, tó ń ní ó wà nílé ìwẹ̀. Ọdún kan ló ti ń wẹ̀!"

A rẹ́rìn-ín, Alájì pẹ̀lú. Àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní òun fẹ́ onídùúró.

"Èmi rèé," ni mo wí.

"Kí lẹ ní, Màmá?"

"Ewúrẹ́ márùn-ún. Ọ̀kan lóyún."

Alájì gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti igba, àmọ́ owó ọjọ́ náà di ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún. Jọmílójú gbà á, àmọ́ kò gba ọgbọ̀n ọjọ́. "Èmi kì í gbowó oṣù. Ọjọ́ ọjà ni mò ń rówó. Ọjọ́ ọjà náà sì lẹ ń wá sí Pobè. Mo ń fún yín ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, lójú àtẹ yín, ọjà mẹ́jọ, ó tán."

"Ó ju oṣù kan lọ."

"Ó jù ú lọ díẹ̀. Ẹ ò sì ní wá mi."

Alájì họrí. "Ó dáa. Àmọ́ mi ò gba bàtà padà o! Ì báà ṣẹ́ ku ọgọ́rùn-ún."

Mo tẹ Jọmílójú lẹ́sẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò! "Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá san gbogbo ẹ̀ kí ọjà karùn-ún tó pé, ẹ dá ọgọ́rùn-ún fáránkì padà lórí bàtà kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ̀yin? Kí ọjà karùn-ún tó pé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sí ìwé méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀.

Ọjà kìíní, oòrùn. Bàtà mẹ́rin ló tà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó san ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún fún Alájì. Ọjà kejì, eruku. Bàtà mẹ́ta. Ó tún san ọgbọ̀n. Ó wá ku ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré lọ́wọ́ ẹ̀, owó ilé Bonaventure ti bá bàtà lọ. Ẹ̀yin ọmọ, mo lọ wo ewúrẹ́ mi lọ́jọ́ náà, mo ní, "Ẹ má fòyà," àmọ́ mo kà wọ́n kí n tó wọlé!

Àfẹ̀mọ́jú ọjà kẹta ni òjò ya! Ó rọ̀ bí ẹni da omi nínú agbada. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ alùpùpù, ọ̀kan, mẹ́ta, méje! Fẹ̀sọ̀jayé ló ṣíwájú, amọ̀ dé orúnkún, ó ń pariwo láti títì:

"Ìyá Yannick! Mú bàtà tí kò ní kú sínú oko wá!"

Obìnrin ń jókòó sórí ìjókòó, sórí àpótí, sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Ọ̀kan wọ tiẹ̀, ó fò sókè, bàtà ò yọ. Gbogbo ọjà hó yèè! Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló tà kí oòrùn tó wọ̀, ó sì san ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún ọjọ́ náà. Ọjà kẹrin, méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjà kẹrin náà, ó rìn lọ bá Alájì nídìí àtẹ, ó ka àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún sí i lọ́wọ́. Gbogbo gbèsè tán! Alájì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ìwé. Ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó dá a padà.

"Ìyá Yannick, ta ló kọ́ yín?"

"Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin Ọ̀họ̀rí."

Lọ́jọ́ kejì, Bonaventure gba owó ilé ẹ̀ pé pérépéré. Bàtà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣì wà nílẹ̀, ti Jọmílójú ni gbogbo wọn. Nígbà tí Alájì fẹ́ fún un ní igba bàtà mìíràn láwìn, ó ní, "Mo gbà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí Ìyá Àgbà àti ewúrẹ́ ẹ̀ sinmi." Alájì ní kò sí wàhálà, òun ò tún fẹ́ onídùúró mọ́.

Kí lo wí, Elvire? Bí òjò ò bá rọ̀ ńkọ́? À bá ti fi ewúrẹ́ san án ni! Èyí tó lóyún nígbà yẹn ló ń ké yẹn, àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Wọ́n ní ariwo yín ò jẹ́ kí àwọn sùn. Ẹ ká ẹní yín nílẹ̀, ẹ fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí n má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.