Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ọ̀nà

Bí mo bá ti gbóòórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, etí mi ọ̀tún á ta mí.

Bàbá àgbà mi, télọ̀ ní Amukoko, kì í jẹ́ kí n wọ ṣọ́ọ̀bù bí mi ò bá fi "Iyọ̀" dáhùn "Ta nìyẹn?" Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dákẹ́ kí n lè pa á lẹ́rìn-ín. Ó gbá mi létí, ó ní:

"Nígbà ogun Bìáfírà, ó ku ọ̀la kí n kọ́kọ́ jà, oorun dá lójú mi. Mo fòróró nu ìbọn, mo ka ọta, mo tún un kà. Wọ́n ní kí n ṣọ́nà. Ẹnìkan ń bọ̀ nínú òkùnkùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé, 'Ta nìyẹn?' Kò fi 'Iyọ̀' dáhùn. Mo yìnbọn."

"Ọ̀tá ni, Bàbá?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó lọ tọ̀. Ó ń bá mi ṣeré."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé orúkọ ọ̀rẹ́ náà ni Bàbá sọ mí.