Ìwé tí Fọ́ọ̀mánù Kọ sí Bàbá Nọ́ọ̀tì

Obìnrin náà ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ kó tó di ẹni tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mánù. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún bọ́ọ̀sì ṣe ló ń bá ṣiṣẹ́, ọgbà ńlá kan tí wọ́n fi páànù bo apá kan rẹ̀, tí ọ́ìlì ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di dúdú, tí àwọn bọ́ọ̀sì máa ń tò síbẹ̀ láàárọ̀ bí aláìsàn tó ń dúró de dókítà. Ọ̀dọ́bìnrin ni nígbà tó kọ́kọ́ dé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò ní pẹ́ tí yóò fi sá padà sílé ìyá rẹ̀. Kò sá. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ńlá, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Nọ́ọ̀tì. Orúkọ ìyìn ni, kì í ṣe ẹ̀sín. Bàbá yìí a máa fi ọwọ́ lásán mọ̀ bóyá nọ́ọ̀tì táyà ti le tó. Á fi sípánà fà á, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀, á ní, "Ó ti dé ibi tó yẹ." Òun ló kọ́ obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkojú, kì í ṣe ní títẹ̀lé ara wọn, kí táyà má bàa wọ́. Nígbà tí wọ́n sì fi obìnrin náà ṣe fọ́ọ̀mánù, Bàbá ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni wàá máa pàṣẹ fún wa báyìí. Má jẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀ sí ọ o." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni.

Ó pé ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ tó di ọ̀rọ̀ gidi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ọgbà. Kò tíì rìn jìnnà tí awakọ̀ fi gbọ́ kì, kì, kì lábẹ́ ọkọ̀, ó sì dúró. Nọ́ọ̀tì méjì lára táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti tú débi pé ọmọdé lè fi ọwọ́ yí wọn. Awakọ̀ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú bọ́ọ̀sì mìíràn, ó ránṣẹ́ sí ọgbà pé kí wọ́n wá wo èyí tó dúró náà. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n Fọ́ọ̀mánù kúnlẹ̀ nídìí táyà náà lójú títì, ó ń wo àwọn nọ́ọ̀tì yẹn. Bàbá Nọ́ọ̀tì ló pààrọ̀ táyà náà kí bọ́ọ̀sì tó jáde.

Mánéjà ilé-iṣẹ́ náà pe Fọ́ọ̀mánù sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Kọ ìwé sí bàbá yẹn. Kó gbóná. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kí gbogbo wọn rí i, kí ẹ̀rù bà wọ́n."

Fọ́ọ̀mánù ní, "Màá kọ ọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ni màá fún, n kò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."

Mánéjà wò ó. "O ń tijú rẹ̀ ni?"

"Mo ń tijú rẹ̀, sà. Màá ṣì kọ ọ́."

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì nílé láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, wà nídìí máṣíìnì nínú yàrá kan náà. Inú bí obìnrin náà, ó sì kọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó kọ pé: "Àìbìkítà yín ti pọ̀ jù. Ẹ kì í fojú síṣẹ́ mọ́. Gbogbo èèyàn ló ń ráhùn. Bí ẹ kò bá yíwà padà, ohun tí ojú yín bá rí, kí ẹ fara mọ́ ọn." Ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Bàbá yìí, bó bá ka èyí tán, kí ló máa ṣe lọ́la?"

"Á jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀."

"Báwo? Bí oníbàárà bá sọ fún mi pé aṣọ yìí kò dáa, inú á kàn bí mi ni. Bó bá ní apá ọ̀tún gùn ju apá òsì lọ, mo ti mọ ibi tí màá ki sísọ́ọ̀sì bọ̀. Àti pé ta ni gbogbo èèyàn?"

Obìnrin náà rò ó wò. Gbogbo èèyàn yẹn, òun fúnra rẹ̀ àti Mánéjà ni. Ó gba ìwé náà padà, ó fà á ya, kì í ṣe pé inú rẹ̀ ti rọ̀. Ó kàn rí i pé òun kò fojú rí àìbìkítà kankan. Nọ́ọ̀tì méjì tí kò le lòun fojú rí.

Èyí tó kọ lẹ́yìn náà gba gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó kọ́kọ́ fi ìyìn gígùn bẹ̀rẹ̀, ó sì yọ ọ́, nítorí ó ń dún bí ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ kí wọ́n tó rọ oògùn sí i lẹ́nu. Ẹyọ kan péré ló fi sílẹ̀, tó jẹ́ òtítọ́: pé ẹ́ńjìnnì tí Bàbá tún ṣe lóṣù tó kọjá kò tíì padà wá. Ó wá kọ pé:

"Mo fẹ́ kí a yanjú ohun mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì tí kò le lára táyà tí ẹ pààrọ̀. Èmi fúnra mi ló yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rìn síwájú sí i, táyà náà lè bọ́. Èkejì, orúkọ yín wà lórí káàdì iṣẹ́ bọ́ọ̀sì pupa pé ẹ ti pààrọ̀ páàdì bíréèkì iwájú, ṣùgbọ́n páàdì àtijọ́ ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìgbà mẹ́ta lẹ pẹ́ dé lóṣù yìí, tí àwọn tó kù fi bá yín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa fi sípánà tó ń dún kẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì bá le tó fún gbogbo nọ́ọ̀tì táyà, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ tó jáde. A ó tún jókòó lópin oṣù tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá tún jáde pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí kò le, màá yọ yín kúrò nídìí táyà. Bí mo bá kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí ohun kan bá wà tí n kò mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn tó kù lọ jẹun ọ̀sán, ó pe Bàbá wọ inú ọ́fíìsì kékeré rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kò jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìwé ni mo kọ sí yín. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ọjọ́ Ajé wà níbẹ̀. Ẹ kà á níwájú mi, kí a lè jọ sọ ọ́."

Bàbá Nọ́ọ̀tì fi awò ojú rẹ̀ sójú. Ó ka ìwé náà díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ọ̀rọ̀ bíréèkì yìí," ó ní, ohùn rẹ̀ kò gbé sókè. "Èmi kọ́."

Fọ́ọ̀mánù ti fẹ́ sọ pé orúkọ yín wà níbẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹ ṣàlàyé fún mi, sà."

"Ilé ìwòsàn ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Mo gbàyè. Ẹnì kan ló bá mi kọ orúkọ mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, màá yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé."

Ó lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó wá síṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òtítọ́ ni. Bàbá kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn rárá. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wọn ṣe bíréèkì jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í lẹ́ẹ̀mejì: iṣẹ́ ti pọ̀, ó kọ orúkọ Bàbá sórí káàdì kí káàdì lè parí, ó ní òun á padà síbẹ̀, ó sì gbàgbé. Òun náà gba ìwé tirẹ̀, bákan náà, láìsí èébú nínú rẹ̀.

Ojú ti Fọ́ọ̀mánù. Ó ti wo orúkọ lórí káàdì, kò sì wo bóyá ẹni tó ni orúkọ wà níbẹ̀. Ó tún ìwé Bàbá kọ, ó yọ ọ̀rọ̀ bíréèkì kúrò, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Mo fi ohun tí kì í ṣe tiyín kàn yín nínú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ má bínú." Nígbà tí Mánéjà rí i, ó fajú ro. Ó ní ọ̀gá kì í tọrọ àforíjì nínú ìwé. Obìnrin náà ní, "Inú ìwé ni mo ti ṣe àṣìṣe náà, sà."

Bàbá Nọ́ọ̀tì ka èyí tuntun náà tán, ó yọ awò, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Nọ́ọ̀tì ọjọ́ Ajé, tèmi ni," ó ní. "Èmi náà rò pé ó ti le. Ọwọ́ yìí ti ń kú tìpìtìpì láti bí oṣù mélòó kan. Ìka wọ̀nyí kì í gbọ́ nǹkan mọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe lọ sílé ìwòsàn. Ara a máa le láàárọ̀, ìyẹn ló ń mú mi pẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọ pé Bàbá Nọ́ọ̀tì kò mọ nọ́ọ̀tì mọ́?"

Níta, ẹnì kan ń fi hámà lu irin, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mú bírò, ó fọwọ́ sí abẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun ti kà á.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ń fi sípánà tó ń dún fún nọ́ọ̀tì, ẹnì kejì sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó korò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Kò sí nọ́ọ̀tì kankan tó tú. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń pẹ́ dé, àní lẹ́yìn tí Fọ́ọ̀mánù sún wákàtí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó lópin oṣù, obìnrin náà kọ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe rí: nọ́ọ̀tì ti dáa, dídé kò tíì dáa. Ó fẹ́ fi èkejì sílẹ̀ nítorí àánú. Ó rò ó wò pé bí òun bá fi í sílẹ̀, Bàbá kò ní gba àkọ́kọ́ náà gbọ́.

Bàbá kà á, ó mi orí. Ó ní, "Òtítọ́ ni." Òun fúnra rẹ̀ ló wá bèèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ sí, níbi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì nílò ọwọ́ tó ń gbọ́ nǹkan. Mánéjà gbà. Lọ́jọ́ tí Bàbá kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò nídìí táyà, gbogbo wọn dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Ó fi sípánà kan lé ọ̀dọ́kùnrin tó gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó má fi lu irin bí hámà.

Fọ́ọ̀mánù padà sínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nujú, ó jáde, nítorí bọ́ọ̀sì mìíràn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ sì ń bèèrè ẹni tó máa wò ó.