Mo Ní Aago Ló Bàjẹ́

Ìyá kan kúnlẹ̀ fún mi rí nítorí ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí. Ojú ṣì ń tì mí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì tì mí tó.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbẹ́ẹ̀dì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Èmi ni mo so ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìgàndò pọ̀ mọ́ ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń lò, kí dókítà lè máa rí èsì lórí kọ̀ǹpútà láìrán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn bá fẹ́ gba èsì, ó máa kọ́kọ́ kọ ìwé ìwọlé kékeré kan tí àwa oníṣẹ́ yìí ń pè ní tókìn. Ó máa kọ àkókò tí tókìn náà bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, àti àkókò tó máa kú, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, á wá fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tirẹ̀ fọwọ́ sí i. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín èsì lọ́dọ̀ ilé àyẹ̀wò, ní ìkejì kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́, òun ló fi ń yẹ ìfọwọ́sí náà wò. Bí ìfọwọ́sí bá jóòótọ́ ló tó máa wo aago. Bí kò bá jóòótọ́, kò ní dé ìdí aago rárá, á dá tókìn padà ni. Èmi tí mo tò ó bẹ́ẹ̀ ni mo gbàgbé.

Ìyá tí mò ń wí yìí ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ará Èkìtì ni, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tí sáfà fi ń dá gbogbo tókìn wọn padà. Mo lọ wò ó. Àṣé ìyá ti sún aago kọ̀ǹpútà síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí aago yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ àkókò tí wọ́n dé.

Ó ní, "Ọmọ mi, bí n kò bá sún un síwájú, aago mẹ́jọ wọn, mẹ́jọ ààbọ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Tókìn ń sọ pé òun bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí kò tíì tó lọ́dọ̀ sáfà, ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú kan péré ni mo sì ní kí sáfà máa gbójú fò. Mo ní kí wọ́n dá aago padà. Ìyá dá a padà lóòótọ́, àmọ́ aago ara ògiri ló wò ṣe é, bátìrì ìyẹn sì ti ń kú lọ, ó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ pẹ́ sẹ́yìn. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kọ tókìn báyìí, ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀ ti tán kó tó kúrò nílé. Mo tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa gba àkókò fúnra rẹ̀ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì tì í pa pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tí èmi nìkan mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá ò lè fọwọ́ kan aago náà mọ́, kódà bó bá wù ú.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ wọn, bí a ṣe máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ olè. Mo gbé tuntun sí kọ̀ǹpútà wọn láti ọ́fíìsì mi, mo gbé ìkejì rẹ̀ sí sáfà, mo pa láàpútọ́ọ̀pù dé, mo sì wá nǹkan jẹ lọ. N kò dán an wò. Ìgbéraga ni, kí n má parọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà pè mí. Sáfà ń dá gbogbo tókìn padà, fóònù ló sì ti fi ń gba èsì lẹ́nu ilé àyẹ̀wò látàárọ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ lọ sí Ìgàndò, ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Ìyá yìí náà ni, mo wí nínú ara mi. Ta ló tún lè jẹ́?

Èèyàn méje ló yí kọ̀ǹpútà náà ká nígbà tí mo wọlé: dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àti ẹni tó ń ta oògùn. Dókítà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. N kò tíì ṣí láàpútọ́ọ̀pù mi.

Mo ní, "Wọ́n ti tún fọwọ́ kan aago, sà."

Dókítà kọjú sí ìyá. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, mà."

"N kò fọwọ́ kàn án, sà," ni ìyá wí.

Mo ní, "Ta ló wá fọwọ́ kàn án, àbí ẹ̀mí àìrí?"

Nọ́ọ̀sì kan bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ó rẹ́rìn-ín, ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Dókítà ní bí ìyá ò bá lè fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa jókòó sílé láti ọ̀la. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo ṣí àkọsílẹ̀ sáfà. Ohun tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni pé ìfọwọ́sí kò bá kọ́kọ́rọ́ mu. Kò sí aago nínú ọ̀rọ̀ náà. Kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń dánra wò ní ọ́fíìsì ni mo gbé sí sáfà, mo fi ojúlówó sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìyá kúnlẹ̀. Èmi ló kúnlẹ̀ fún.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun."

Ó yẹ kí n gbé wọn dìde. Mo gbójú mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, mo gbé ojúlówó kọ́kọ́rọ́ sí sáfà, èsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Dókítà ní, "Aago náà ni, àbí?"

Mo ní, "Ó ti dáa, sà."

Gbólóhùn tí mo sọ nìyẹn. Ìyá kó ẹrù wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oúnjẹ ò fi lọ lẹ́nu mi kí n tó wá ilé ìyá lọ sí Àgbàdo. Wọ́n fún mi lómi tútù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n bi mí pé:

"Nígbà tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣé o ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n ní, "Mo ti fi fóònù mi wo aago yẹn kó o tó dé, wọ́n bára mu. Mo wá rò pé mo ti ba nǹkan mìíràn jẹ́ tí ojú mi ò rí. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ro ohun tó lè jẹ́."

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní màá lọ sọ fún dókítà.

"Má sọ fún dókítà nìkan. Níwájú gbogbo wọn lo ti sọ pé èmi ni. Níwájú wọn ni kó o ti sọ pé ìwọ ni."

Mo ṣèlérí ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, mo dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, mo gbọ́ ẹ̀rín nọ́ọ̀sì yẹn nínú ilé, mo sì yí padà. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí dókítà. Ó dáhùn pé òun ti rí i, àmọ́ ẹlòmíràn ti wà lórí àga ìyá.

Ojú èèyàn méje ni mo ti ba orúkọ ìyá yẹn jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ̀wé sí.