Ìdá Mẹ́wàá Ara Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin kò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ ya ara mi bí ẹni rere. Mọ̀mọ́ la máa ń pè é, aṣọ àǹkárá ló ń tà ní ọjà Abobo Gare. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ wá sí Abidjan láti Nàìjíríà, òun ló sì bọ́ ọ títí tó fi dá dúró. Nígbà tí àbúrò ọ̀hún wá lọ fẹ́ èmi tí wọ́n bí sí Abidjan, tí Yorùbá mi ń kọsẹ̀, tó jẹ́ Faransé ni mo fi ń ka ọjọ́ àti oṣù, ó ní ẹja tí òun fi ọwọ́ ara òun pa ni ológbò gbé lọ yẹn. Ojú mi kòrókòró ló ti sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 2005, nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Plateau, láàárín ìlú Abidjan, lọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn tí ara wọn wúwo jù. Ìdí ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi wà. Aláìsàn á bọ́ bàtà, á gun orí ìwọ̀n, màá kọ kílò rẹ̀ sórí káàdì, màá wá ṣírò ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ara tó gbé wá ló ti já bọ́. Dókítà kì í fẹ́ gbọ́ iye kílò lásán. "Kílò mẹ́fà lára ẹni tó wọn ọgọ́ta," ó máa ń sọ, "kì í ṣe kílò mẹ́fà lára ẹni tó wọn ọgọ́fà. Ìdá mẹ́wàá ni ti ẹni àkọ́kọ́, ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ti èkejì." Òfin kan tún wà tó fi lé mi lọ́wọ́: bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ bá ti kọjá, tí ẹnikẹ́ni ṣì ń já ju kílò kan lọ lọ́sẹ̀, kí n sọ fún òun lọ́jọ́ náà gan-an.

Eékún ló gbé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá sọ́dọ̀ wa, eékún àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Bó ṣe wọlé tó rí mi nínú aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n, ó dúró.

"Ìwọ ni wọ́n fi ṣọ́ ibí?"

"Ẹ káàárọ̀, Mọ̀mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín."

Ó wọn ọgọ́fà kílò géérégé. Faransé ọjà ló gbọ́, nítorí náà èmi ni mo ń túmọ̀ ohun tí dókítà ń sọ. Dókítà ní kó má fi ojú sí bó ṣe rí lọ́mọge mọ́. Ó ní bó bá já ìdá márùn-ún, ìyẹn kílò mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, eékún rẹ̀ á sì fúyẹ́ díẹ̀. Tó bá di oṣù mẹ́fà, ó lè dé ìdá mẹ́wàá, kílò méjìlá. Kó má sáré: ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ló máa ń kọ́kọ́ jáde.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, kò wo dókítà rárá. Èmi ló tẹjú mọ́.

"Ohun tí òyìnbó dúdú yìí sọ nìyẹn, àbí ohun tí ìwọ fi kún un?"

"Ohun tí wọ́n sọ ni, Mọ̀mọ́."

"Oṣù mẹ́fà nítorí kílò méjìlá! Ọkọ mi mú ọmọdébìnrin tó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ wọlé lé mi lórí, ẹ wá ní kí n máa rọra. Ìwọ lo fẹ́ kí n pẹ́ nínú ara yìí. Mo ti mọ̀ ẹ́."

Mi ò túmọ̀ ìyẹn fún dókítà.

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá wọn ara. Ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń tà lọ́jà ló rà, tó ń pò mu bíi tíì, ó sì ń mú un yàgbẹ́ gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń jẹun lóòjọ́: omi ọbẹ̀ tí kò ní epo àti ọ̀pẹ̀yìnbó. Kò fi pamọ́ fún mi, ó fi ń ṣe fáàrí ni. Lọ́sẹ̀ kejì ìwọ̀n ka 113. Lọ́sẹ̀ kẹta, 111. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n kan ilẹ̀kùn dókítà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí ìwọ̀n lọ́jọ́ náà, ó ní òun rí ọmọ mi lánàá, ó ní ọmọ tí kò lè kí ìyá bàbá rẹ̀ ní Yorùbá, kí ni wọ́n bí i fún? Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì. Mo kọ 111 sórí káàdì, mo pa káàdì dé, mo sì sọ nínú ara mi pé, "Máa lọ. Máa sáré lọ." Lọ́sẹ̀ kẹrin ó já méjì sí i. Ó yẹ kó rí dókítà nígbà tí oṣù kan pé, ó ní ọjà kò jẹ́ kí òun lè jókòó dúró. Mi ò fi tipá dá a dúró.

Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ karùn-ún, gbogbo ẹbí wá jẹun nílé wa ní Yopougon. Èmi náà ti ń ṣọ́ oúnjẹ mi lẹ́yìn tí mo bímọ: láti ọgọ́rin kílò, mo ti já dé 72 láàárín oṣù márùn-ún. Ẹnìkan yìn mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Kílò mẹ́jọ ní oṣù márùn-ún? Kílò méjìlá lèmi já ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èmi tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì! Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo fa bébà kan jáde, mo sì kọ ọ́ síwájú gbogbo wọn.

"Mẹ́jọ nínú ọgọ́rin," mo wí, "ìdá mẹ́wàá ni. Méjìlá nínú ọgọ́fà, ìdá mẹ́wàá náà ni. Ọgbọọgba ni wá, Mọ̀mọ́. Ohun tó pọ̀ lára yín ju tèmi lọ ni ọgọ́fà kílò tí ẹ gbé wá. Ẹ tún sáré kọjá ohun tí wọ́n sọ fún yín ní ìlọ́po méjì."

Kò sí ẹni tó mọ iye tó wọn tẹ́lẹ̀. Àṣírí aláìsàn ni, èmi tí wọ́n fi í lé lọ́wọ́ ni mo sì tú u sórí tábìlì láàárín àwo fútù, iyán àwọn ará Abidjan. Àwọn kan wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde, ó ká gèlè rẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́. Ẹ óò rí mi." Ó jáde láìjẹun.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń wá sí ìdí ìwọ̀n bí ẹni tó wá jà. Kò kí mi, èmi náà sì ń sọ nọ́ńbà nìkan. Ó jẹun kù sí i. Ojú rẹ̀ wọnú, irun ń já níwájú orí rẹ̀, òòyì máa ń kọ́ ọ bó bá dìde, nítorí pé ó ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi ti ìgbà tó wọn ọgọ́fà, kò sì sọ fún dókítà kó wò ó bóyá kí wọ́n dín in kù. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, 99. Kílò mọ́kànlélógún ti lọ, ó ju ìdá mẹ́tàdínlógún lọ nínú ara rẹ̀, láàárín oṣù méjì ó lé díẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo tún pa káàdì dé.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀pà fún ẹnìkan ní ọjà, ó sọ pé òun á tọ́ ọ wò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìrora gbá a lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó gba abẹ́ èjìká lọ sẹ́yìn, ó ń bì, ó sì ṣubú sáàárín aṣọ tó ń tà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sínú takisí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú fi òkúta hàn nínú àpò òróòro rẹ̀, èyí tó tóbi jù dí ẹnu àpò náà.

Ọkọ mi pe dókítà wa, dókítà sì ní kí n gbé káàdì wá. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé, bí ènìyàn bá sáré rù, ẹ̀dọ̀ máa ń tú ọ̀rá púpọ̀ sínú òróòro. Bí kò bá sì sí epo nínú oúnjẹ, àpò náà kò ní fún pọ̀ kó tú ara rẹ̀ dà, òróòro á dúró, á dì, á di òkúta; epo ọbẹ̀ ẹ̀pà ọjọ́ yẹn ló wá mú kí àpò náà fún pọ̀ lójijì. Lẹ́yìn náà ló yọ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ nọ́ńbà wọ̀nyí?"

"Èmi ni, Dókítà."

"O rí wọn."

"Mo rí wọn."

"O sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méje."

Láti ọ̀la rẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ìwọ̀n, wọ́n fi mí sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ọgbẹ́. Mo mọ̀ pé ìjìyà kékeré ni.

Wọ́n yọ àpò òróòro rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú ọkọ mi: òfin kílò kan, ọ̀sẹ̀ kẹta, káàdì tí mo ń pa dé.

Ó gbọ́ mi tán. Ó yí ojú sí ògiri.

"Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ràn mi," ó wí. "Mi ò mọ̀ pé o lè dúró máa ka ikú mi ní kílò kílò. Dìde kúrò níbẹ̀. Má kúnlẹ̀ fún mi."

Oṣù kan gbáko ni èmi àti ọkọ mi fi jẹ́ àjèjì sí ara wa.

Kó tó pé ọdún kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba kílò mẹ́rìnlá nínú mọ́kànlélógún náà padà. Nígbà náà ló lọ bá dókítà mìíràn ní Abobo, níbi tí ẹlòmíràn ti ń wọn ọ́n. Mo gbọ́ lẹ́nu ọkọ mi pé ó ń já díẹ̀díẹ̀, ààbọ̀ kílò lọ́sẹ̀, nígbà míì kò já rárá, pé eékún rẹ̀ ti fúyẹ́, wọ́n sì ti dín oògùn rẹ̀ kù. Bí ó bá wá sílé wa, ó ń gbé ọmọ mi sórí itan, ó ń kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Oúnjẹ mi ni kì í jẹ. Ó máa ń gbé tirẹ̀ wá nínú abọ́, á jẹ ẹ́ níwájú mi, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè kí n gbọ́. Mi ò fi oúnjẹ mi lọ̀ ọ́ mọ́ láti ìgbà yẹn.