Bọ̀wálé Yọ Ohùn Mi Kúrò Nínú Fíìmù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọkọ mi Bọ̀wálé jẹ́, ẹ wò ó bó ṣe ń jẹ ẹja. Kò ní fi kan ẹnu títí yóò fi yọ gbogbo egungun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, àní èyí tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí a ra báàgì ilé-ìwé fún Ayọ̀kúnnúmi ọmọ wa, ó mú abẹ, ó gé okùn kan tó ní ó ti pọ̀ jù dànù. Okùn ọ̀hún gan-an ni wọ́n fi ń gbé báàgì náà kọ́ èjìká. "Ẹrù ni," ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Gbogbo nǹkan ni ẹrù lójú Bọ̀wálé.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sángo, lọ́nà Jojú, níbi tó ti ń kó fíìmù sínú fíláàṣì àti mẹ́mórì fóònù fáwọn èèyàn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ta omi tútù àti mínírà, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí n kò mọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ Àgbárá ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ohun kan náà ló máa ń da gbogbo wọn láàmú: fíìmù kan ṣoṣo lè gbé ohùn mẹ́rin, márùn-ún sínú, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, ti àwọn ará Íńdíà. Bí o bá wá gbé e sínú tẹlifíṣọ̀n tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń yan ohùn, èyí tó wà níwájú ni yóò máa sọ, fún odindi wákàtí méjì, ìwọ ò ní gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Bọ̀wálé ní sọ́fítíwíà kan lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fún un. Bó bá ti fi ṣí fáìlì náà, àwọn ohùn inú rẹ̀ yóò tò sílẹ̀, kálukú pẹ̀lú máàkì níwájú rẹ̀. Yóò yọ máàkì kúrò níwájú èyí tí kò fẹ́, yóò tẹ bọ́tìnnì, fáìlì tuntun yóò sì jáde tó jẹ́ pé ohùn tí wọ́n fẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Àwòrán kò ní bàjẹ́ rárá. Ó mọ iṣẹ́ yẹn, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ bí fáìlì tuntun bá ti jáde, kíá ló máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹrù ni, àbí?

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fi ojú mi rí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ya fíìmù kan lédè Gẹ̀ẹ́sì. Búrọ́dà Gbóyèga tó darí eré náà wá ní kí á fi ohùn Yorùbá sí i fáwọn àgbà. Èmi ni wọ́n fún ní ohùn ìyá ọkọ burúkú. Èmi Jemimah Àjọkẹ́! Èmi tí ìyá tó bí mi lọ́mọ, ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, ti ń sọ fún láti kékeré pé ohùn mi le ju ti akọ lọ, pé kí n kàn máa la ẹnu lásán bí ẹgbẹ́ mi bá ń kọrin. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí Màámi fetí ara wọn gbọ́ ọ. Ojú wọn ti di bàìbàì, àmọ́ etí wọn ṣì mú ju tèmi lọ.

Mo pè wọ́n wá sílé wa ní Ìjókò lọ́jọ́ Sátidé. Gbóyèga ti kó fíìmù náà fún wa nínú fíláàṣì, mo ní kí Bọ̀wálé fi ohùn Yorùbá nìkan sílẹ̀. Màámi jókòó, fíìmù bẹ̀rẹ̀, orin dún. Bí orin ṣe tán báyìí, ohùn ọkùnrin kan jáde.

"Ẹ káàbọ̀ o. Èmi Gbóyèga ni mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ya eré yìí fún ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ wo ìyá ọkọ tó ń jáde bọ̀ yìí. Gèlè pupa ló wé. Ó ń yọ́ lọ sídìí ìkòkò. Ẹ wo pásítọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, irùngbọ̀n yẹn ti fẹ́ já, gọ́ọ̀mù ò mú un dáadáa."

Mo fa Bọ̀wálé láṣọ wọ kíṣìnì.

"Bàbá Ayọ̀, ohùn mi dà?"

"Yorùbá méjì ló wà nínú fáìlì yẹn," ó ń wo ilẹ̀. "Wọn ò kọ nǹkan mìíràn sí wọn lára. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkíní, orin ni. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, orin yẹn náà ni. Mo ní wọ́n ṣèèṣì gbé e wọlé lẹ́ẹ̀mejì ni. Mo bá yọ ọ̀kan."

"Èmi lo yọ! Ìyàwó ẹ lo yọ bí egungun ẹja!"

"Ìyá Ayọ̀, rọra. Màmá ń gbọ́."

"Gbé ti àtijọ́ jáde."

Mo ti mọ̀. Ó ti pa á rẹ́, ó tún ti nu fíláàṣì Gbóyèga mọ́ tóńtó kó tó dá a padà. Gbóyèga alára rìnrìn àjò, fóònù rẹ̀ kò lọ. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Bọ̀wálé wá fọwọ́ gbá orí.

"Hafeez! Hafeez gba odindi fáìlì náà kí n tó gé e. Fóònù tiẹ̀ lè yan ohùn."

Oníbàárà rẹ̀ kan ni Hafeez, ó ń ṣe iṣẹ́ òru ní Àgbárá, oorun ló sì máa ń sùn ní ọ̀sán. Bọ̀wálé gun ọ̀kadà lọ sí Jojú láti lọ jí i.

Èmi padà sí pálọ̀ láti pa tẹlifíṣọ̀n. Màámi na ọwọ́ sí mi.

"Jẹ́ kó máa lọ! Ọkùnrin yìí mà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ ṣàlàyé o. Gbogbo ohun tí ojú mi ò rí ló ń sọ fún mi. Ọlọ́run á bù kún un."

Ẹ gbà mí o! Mo jókòó tì wọ́n, mo ń jowú Gbóyèga.

Bọ̀wálé dé, òógùn bò ó, mẹ́mórì Hafeez àti láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó fà á lọ sí àárín fíìmù níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó ń yan ohùn kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì. Gbóyèga. Lẹ́yìn náà: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o fọwọ́ kan ìkòkò mi?" Èmi nìyẹn! Ó yọ máàkì níwájú gbogbo ìyókù, fáìlì tuntun jáde. Mo rí i tí ìka rẹ̀ tún ń lọ síbi odindi fáìlì yẹn.

"Fọwọ́ kàn án," mo ní, "kí n fọwọ́ kàn ẹ́."

Ó yáa fi í sílẹ̀.

A gbé e sínú tẹlifíṣọ̀n. Ohùn mi gba gbogbo ilé. Màámi tẹ́tí, wọ́n fajú ro.

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ta ni oníjàgídíjàgan obìnrin yìí?"

"Màámi, èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀, Àjọkẹ́? Kí ni ọmọ ọlọ́mọ fi ṣe ọ́ tí o ń bú u báyìí?" Wọ́n na ọrùn sí tẹlifíṣọ̀n. "Kí ló tún ń ṣe báyìí? Mi ò rí nǹkan kan."

Ó dùn mí o, n kò ní tàn yín. Síbẹ̀ mo sún mọ́ wọn, mo fẹnu sí etí wọn. Mo sọ fún wọn pé obìnrin náà ti ṣí ìkòkò, pé ìyàwó ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó, pé ìyàwó náà ti fẹ́ bú sẹ́kún. Mo ń ṣàlàyé, èmi inú tẹlifíṣọ̀n náà ń pariwo. Ni Màámi bá gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ariwo obìnrin yẹn kù. Kò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Bọ̀wálé mú rìmóòtù, àmọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Ojú mi ló kọ́kọ́ wò. Mo fi orí dá a lóhùn pé kó yọ ohùn mi kúrò.