Orúkọ Tí Wọ́n Ní Àwọn Ti Pa Rẹ́

Ìbíwùnmí, onídìrí ní Lotto, Mowe, ò mọ̀ pé oríkì ni Dáraolúwa ọmọ rẹ̀ fi ṣe orúkọ lórí géèmù, àfìgbà tó gbọ́ ohùn géńdé ọkùnrin kan nínú fóònù: "Àjíbíkẹ́, fi fọ́tò ẹ ránṣẹ́ sí mi." Oríkì tí ìyá àgbà nìkan ń fi pe ọmọ!

Ó já fóònù gbà, ó yọ géèmù náà dànù. Asán ni. Akáǹtì ṣì wà digbí lọ́dọ̀ àwọn tó ni géèmù. Nígbà tó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n pa á rẹ́, wọ́n ní kó fi káàdì ìdánimọ̀ hàn pé òun ni òbí. Ó fèsì pé, "Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń wọlé, ta lẹ béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀?" Síbẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì dé. Wọ́n ní àwọn ti pa orúkọ, fọ́tò àti ọjọ́ ìbí rẹ́. Àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n fi akáǹtì náà rà nìkan ni òfin owó orí ní káwọn ṣì tọ́jú. Ìbíwùnmí pòṣé. Aṣọ inú géèmù tóun fúnra rẹ̀ rà fọ́mọ lọ́jọ́ ìbí ló kù nílẹ̀.

Ó kúkú dáa, orúkọ ti lọ. Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ifọ̀, ó gbé fóònù fọ́mọ.

"Àjíbíkẹ́ mi!"

Dáraolúwa ju fóònù sílẹ̀ bí ẹni tó di ẹyinná mú. "Mọ́mì, ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."