‘Ẹ’ Kan Tó Kó Ẹgbẹ́ Síta

Ìyá Àmì ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí ìwé tó lè kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ kó má fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó gbé tábìlì kan síbẹ̀, ó sì ń túmọ̀ lẹ́tà àwọn iléeṣẹ́ láti èdè òyìnbó sí Yorùbá.

Iṣẹ́ yẹn kò jọ nǹkan lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “you”, ni òyìnbó fi ń bá ọmọ ọwọ́ àti bàbá arúgbó sọ̀rọ̀, òun náà ló fi ń bá igba èèyàn sọ̀rọ̀. Ìyá Àmì kò ní irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Kó tó kọ ìlà àkọ́kọ́, ó ní láti mọ ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ àti ẹni tó ń pàṣẹ, bóyá “o” ló yẹ tàbí “ẹ”, bóyá “ó” tàbí “wọ́n”.

Ọkọ rẹ̀ ló máa ń bá a fetí sí i. Awakọ̀ ni bàbá yẹn kó tó fẹ̀yìn tì, kò mọ gírámà kankan, àmọ́ bí ìyàwó rẹ̀ bá ti ka lẹ́tà sókè, á ní, “Eléyìí le jù,” tàbí kó bi í pé ta ló ń bá wí gan-an. Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ yìí ti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wò.

Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ náà wá láti iléeṣẹ́ kan tó ní yàrá òtútù ńlá. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ń kó tòmátì àti ata wọn sí. Ọwọ́ alága ẹgbẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ti gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Iléeṣẹ́ fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ dójú tì í, wọn kò mẹ́nu ba ilẹ̀kùn nínú lẹ́tà rárá.

Ìyá Àmì rọra kọ ọ́: “Bàbá wa Alága, a kí yín o. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la fi ń sọ fún yín pé láti ọjọ́ Ajé, ẹ kò ní wọ yàrá òtútù mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà. A ó tún kọ̀wé lórí ẹni tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.” Ó wò ó, ó dùn mọ́ ọn nínú. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé kó kà á sí i létí. Ó fi ránṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù rẹ̀ dún. Máníjà yàrá òtútù ni.

“Mà, kí lẹ kọ sínú lẹ́tà yẹn? Wọ́n ti ń kó ẹrù jáde! Gbogbo wọn! Wọ́n ti fi ọkọ̀ dí géètì, tòmátì wà nínú oòrùn!”

Máníjà ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó máa ń bá Alága ka lẹ́tà ló kà á sétí ogójì ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tó dé “ẹ kò ní wọ yàrá òtútù mọ́”, kálukú gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. “Ẹ” tí Ìyá Àmì fi bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ti lé ogójì síta.

Ó gun alùpùpù, ó ní kí ọlọ́kadà máa sáré. Nígbà tó débẹ̀, àpótí tòmátì ti ga tó ògiri, òórùn kíkan sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó gbé àpótí lérí tọ́ka sí i: “Ẹni tó kọ ọ́ ló ń bọ̀ yìí!”

Máníjà fà á wọlé. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, òógùn bò ó. “Ẹ bá ti kọ ‘o’ sí i, mà. ‘O kò ní wọbẹ̀ mọ́.’ Ó parí.”

“Sí bàbá àádọ́rin ọdún? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sun iléeṣẹ́ yín ni?”

“Ẹ jáde sí wọn nígbà náà, kí ẹ sọ pé òun nìkan la ní lọ́kàn.”

Ó jáde. Alága jókòó sídìí ògiri, ó tẹ́ lẹ́tà sórí eékún. Ìyá Àmì rò ó pé bí òun bá sọ ọ́ lójú ogójì èèyàn, òun ti tú àṣírí tí iléeṣẹ́ fi pa mọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Ìwọ lo kọ ìwé yìí?”

“Èmi ni, sà. Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ni wọ́n…”

“Mo mọ̀.” Kò wò ó lójú. “Bí akọ̀wé ṣe ń kà á ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo gbàgbé ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n pariwo pé wọ́n ti lé gbogbo wa, mo dákẹ́. Ẹni tí wọ́n bá lé pọ̀ mọ́ ogójì, ojú kì í tì í.”

Lẹ́yìn wọn, àpótí kan já bọ́, tòmátì fọ́n ká ilẹ̀.

“Bàbá,” ni Ìyá Àmì wí, “tòmátì ò lè dúró de ojú tó ń tì wá.”

Bàbá wo tòmátì tó fọ́n ká náà. “Kọ ọ́ kó yé wọn. Ṣùgbọ́n má bọ́ mi síhòòhò.”

Ó yọ ìwé, ó fi àpótí ṣe tábìlì. Bó bá ní “wọ́n kò ní wọlé”, ogójì ló tún lé. Bó bá ní “ìwọ”, ìjà dé. Ó fagi lé ìlà mẹ́rin, ó wá kọ pé: “Bàbá wa Alága, ẹ̀yin nìkan ṣoṣo la kọ ìwé yìí sí. A dúpẹ́ fún gbogbo ọdún tí ẹ fi tọ́jú kọ́kọ́rọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ sinmi lẹ́nu rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò kúrò. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ń wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀.”

Máníjà kà á, ó mi orí. “‘Sinmi’ ò sí nínú lẹ́tà tèmi. Lẹ́tà ní kò gbọdọ̀ wọlé mọ́.”

“Ẹ pe ọ̀gá yín.”

Ó pè é. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún un pè. Oòrùn ti dé àárín àpótí. Nígbà tí ọ̀gá gbé e, ó ní “sinmi” lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ pé kò ní wọlé mọ́ má bọ́ nínú rẹ̀. Ìyá Àmì fi kún un: “Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò ní wọ yàrá òtútù mọ́.” Ó ń kánjú, àmì sì bọ́ lórí ọ̀rọ̀ méjì. Kò dá wọn padà.

Akọ̀wé na ọwọ́ láti gba ìwé. Alága ti gbà á. Ó dìde, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ níbi tí “ẹ̀yin” wà, “èmi” ló ń kà: “Èmi nìkan ni mi ò ní wọ yàrá òtútù mọ́.” Ó gbé ìwé sílẹ̀. “Ilẹ̀kùn ni mo gbàgbé. Ẹ kó ẹrù yín wọlé.”

Obìnrin tó tọ́ka sí Ìyá Àmì ló kọ́kọ́ gbé àpótí tirẹ̀ padà, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Àpótí mọ́kànlá ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Oṣù mẹ́ta ni iléeṣẹ́ fi gbé lẹ́tà wọn fún ẹlòmíràn. Ìyá Àmì kò bá wọn jà. Nígbà tí wọ́n padà wá, ó bi máníjà kó tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀: “Ẹni mélòó ni ìwé yìí ń bá sọ̀rọ̀?”

Ó pàdé Alága lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Bàbá dá a lóhùn wẹ́rẹ́: “Ẹ ṣé o. Ẹ kú iṣẹ́.” Bàbá tó jù ú lọ dáadáa, tó ti pè é ní “ìwọ” rí, ó ń pè é ní “ẹ” báyìí. Ìyá Àmì kò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí bàbá ti ti òun sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ.